Èsì Tí Gbogbo Ayé Ń Kà: Àtúnkọ Èsì Onílé-Ìtura fún Àlejò ní Òrè àti Òdìgbó

Oríta ni ìlú Òrè, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Ṣágámù wá, tí ó sì kọjá lọ sí Bìní, gba àárín rẹ̀. Ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa sì ń pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn awakọ̀ tí ń ti Èkó lọ sí apá ìlà-oòrùn ti máa ń dúró ní Òrè kí àwọn èrò lè jẹun. Ibi tí èrò bá sì ti ń jẹun ni ilẹ̀ ti ń ṣú sí àwọn mìíràn lára wọn. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìtura kéékèèké fi wà káàkiri ìlú náà àti ní apá Òdìgbó, tí wọn kò ní ju yàrá díẹ̀ lọ, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó kọ́ wọn ni ó tún ń ṣe máníjà wọn.

Ní ayé àtijọ́, bí àlejò kò bá gbádùn ibi tí ó sùn, yóò ráhùn ní káńtà, onílé yóò bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ yóò sì tán síbẹ̀. Lóde òní, àlejò a máa dé ibi tí ó ń lọ kí ó tó ráhùn, orí ayélujára ni yóò sì ti ráhùn náà. Yóò fún ilé ìtura náà ní ìràwọ̀, láti orí 1 títí dé orí 5, yóò sì kọ ìgbéléwọ̀n rẹ̀ sí abẹ́ orúkọ ilé náà lórí Google Maps tàbí ibòmíràn tí ó jọ ọ́. Onílé ní ẹ̀tọ́ láti fèsì. Kókó ohun tí a ó yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí a ṣe ń tún irú èsì bẹ́ẹ̀ kọ, nígbà tí ó bá jẹ́ pé pẹ̀lú ìbínú tàbí pẹ̀lú ìkánjú ni onílé fi kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá mọ bí Yorùbá ṣe ń to gbólóhùn, tí ó sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kéékèèké inú rẹ̀ ń ṣe, ni ó lè ṣe é dáadáa.

I. Ẹni tí èsì náà wà fún

Kí a tó tún èsì kọ, ó yẹ kí a mọ ẹni tí yóò kà á. Ní ojú, àlejò tí ó ráhùn ni a ń dá lóhùn. Òun ni gbólóhùn náà ń pè ní “ẹ” àti “yín”. Ṣùgbọ́n bí a bá ro ọ̀rọ̀ Òrè wò, a ó rí i pé àlejò náà lè má tún gba ibẹ̀ kọjá fún ọdún kan gbáko. Ẹni tí ó ti dé Ọ̀nìṣà tàbí Bìní kò ní í padà wá gba àforíjì. Ẹni tí yóò ka èsì náà ní tòótọ́ ni ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ní alẹ́ òní, tí ó ń wá ibi tí yóò sùn, tí ó sì ń wo fóònù rẹ̀ láti mọ ilé tí òun lè fọkàn tán. Àlejò ni a ń bá sọ̀rọ̀, arìnrìn-àjò yìí ni ó ń tẹ́tí.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ṣe pàtàkì. Àlejò àkọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kò sí àlàyé tí a lè ṣe tí yóò sọ pé iná kò kú nígbà tí iná kú. Arìnrìn-àjò kò mọ nǹkan kan rárá. Kò lè mọ ẹni tí ó jàre, kò sì wá síbẹ̀ láti dájọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà lọ́kàn rẹ̀: ṣé òótọ́ ni ohun tí àlejò sọ? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ṣé wọ́n ti tún un ṣe? Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ nígbà tí èmi náà bá dé, irú ohùn wo ni wọn yóò fi bá mi sọ̀rọ̀? Èsì tí kò bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí kò tíì parí, bí ó ti wù kí èdè rẹ̀ dùn tó.

Ohun mìíràn tún wà tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ibi tí èsì náà ń jókòó sí. Lórí Google Maps, onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé òun ni ó ni ilé náà kí wọ́n tó gbà á láàyè láti fèsì. Bí ó bá fèsì, abẹ́ ìgbéléwọ̀n àlejò gan-an ni èsì náà yóò máa wà, orúkọ ilé ìtura ni wọ́n sì fi ń gbé e jáde, kì í ṣe orúkọ onílé fúnra rẹ̀. Àlejò yóò gba ìròyìn pé wọ́n ti dá òun lóhùn. Onílé lè tún èsì rẹ̀ ṣe, ó sì lè pa á rẹ́. Àlejò náà lè tún ìgbéléwọ̀n tirẹ̀ ṣe. Nítorí náà, èsì búburú lè sọ ìràwọ̀ 2 di ìràwọ̀ 1 kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, èsì rere sì lè gbé e sókè. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

II. Èsì kan àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìtọ́ka. Ilé ìtura kékeré kan ni a ní lọ́kàn, ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Òrè. Àlejò fún un ní ìràwọ̀ 2, ó sì kọ báyìí:

“Aago 9 alẹ́ ni a dé láti Èkó. Iná kú ní aago 1 òru, a kò sì rí i mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní àárọ̀, kò sí omi nínú ẹ̀rọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n gbé wá. Mo sọ fún ọmọbìnrin tí ó wà ní káńtà, ó ní kí n lọ bá ọ̀gá òun. Yàrá mọ́, oúnjẹ náà sì dùn.”

Onílé ka èyí nígbà tí ó ń bá ẹni tí ń ta dísù sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó fèsì lójú ẹsẹ̀:

“Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́ o. Ṣebí a sọ fún yín ní káńtà pé aago 1 la máa ń pa jẹ́nẹ́? Gbogbo Òrè ni ò níná lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin àti ìyàwó yín lẹ ní ká dín owó kù fún yín ní yàrá 7, ẹ tún wá ń retí iná títí ilẹ̀ á fi mọ́. Dísù ti wọ́n. Ti omi yẹn, pọ́ǹpù ló bàjẹ́, a ti tún un ṣe. Ọmọ yẹn ò lè sọ̀rọ̀ sí yín bẹ́ẹ̀, a mọ̀ ọ́n. Ẹ má bínú ṣá. Ẹ ṣé o.”

Kò sí èébú kankan nínú èsì yìí. Onílé pe àlejò rẹ̀ ní “ẹ”, ó ní kí ó má bínú, ó sì dúpẹ́. Lójú ara rẹ̀, ó ti ṣe ohun tí ọmọlúwàbí ń ṣe. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé ìjà ni. Ibi tí iṣẹ́ olùtúnkọ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: kí ó mọ ohun tí ó sọ ọ́ di ìjà.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùtúnkọ yóò ṣe ni kí ó pín ohun tí ó wà nínú èsì náà sí òkìtì mẹ́ta. Òkìtì kìn-ín-ní ni òtítọ́ tí ó wúlò fún ẹni tí ń kà á: wákàtí tí wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀, pọ́ǹpù tí ó bàjẹ́, àti àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí i. Òkìtì kejì ni ooru inú onílé: iye tí dísù di, àti ohun tí ó rò nípa ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín owó kù. Òkìtì kẹta ni àṣírí àlejò: pé ó bá ìyàwó wá, yàrá tí wọ́n sùn, àti pé ó ní kí wọ́n dín owó kù.

Òkìtì kejì kò ní í dé inú àtúnkọ rárá. Òtítọ́ ni pé dísù wọ́n, ṣùgbọ́n arìnrìn-àjò tí ń kà á náà ń ra epo. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni wákàtí tí iná yóò fi wà. Òkìtì kẹta léwu jù. Àlejò kò sọ fún ẹnikẹ́ni ẹni tí òun àti rẹ̀ jọ wá. Onílé ni ó sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ bóyá ìyàwó ilé ni ẹni tí wọ́n jọ wá. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni Ara-Ẹni ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2023, kan ilé ìtura bí ó ti kan báńkì. Ohun tí àlejò kọ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń kà jáde ní gbangba. Ká tilẹ̀ ní kò sí òfin, arìnrìn-àjò tí ó bá rí i pé wọ́n ń kéde nọ́ḿbà yàrá ènìyàn yóò wá ilé mìíràn lọ.

Ó wá ku òkìtì kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n a kò tíì gbọdọ̀ lò ó bí ó ti wà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Onílé sọ pé wọ́n ti sọ fún àlejò ní káńtà nípa wákàtí iná. Ṣé ó wà níbẹ̀? Kò sí níbẹ̀. Olùtúnkọ ní kí ó pe ọmọbìnrin náà. Ọmọbìnrin náà ní ẹni tí ó bá béèrè ni òun máa ń sọ fún, ẹni yìí kò sì béèrè. Ó tún ní lóòótọ́ ni òun ní kí ó lọ bá ọ̀gá, nítorí pé ọ̀gá nìkan ni ó lè sọ pé kí wọ́n tún jẹnẹrétọ̀ tàn. Nípa bẹ́ẹ̀, méjì nínú ohun tí onílé fi dá àlejò lóhùn kì í ṣe òtítọ́. Bí olùtúnkọ bá kàn fi èdè dáradára wọ èsì àkọ́kọ́ láṣọ, irọ́ tí ó dùn-ún gbọ́ ni ì bá kọ.

III. Ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ń dá ìjà sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sí èdè èsì náà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó mú kí ó le kò gùn, wọ́n sì rọrùn láti fojú fò. Èkíní ni “ṣebí”. Bí ènìyàn bá sọ pé “A sọ fún yín”, ìròyìn ni ó ń ṣe; a lè gbà á, a sì lè kọ̀ ọ́. Bí ó bá sọ pé “Ṣebí a sọ fún yín”, ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí òun ń bá wí mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. “Ṣebí” sọ ìròyìn di ẹ̀sùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni “àbí” àti àwọn ìbéèrè tí a kò retí ìdáhùn sí. Òfin tí ó rọrùn ni pé kí àmì ìbéèrè má ṣe sí nínú èsì gbangba, àfi bí ó bá jẹ́ pé onílé fẹ́ kí àlejò dáhùn ní tòótọ́.

Èkejì ni arọ́pò afarajorúkọ, “ẹ̀yin”, pẹ̀lú “ni” tí ń gbé ọ̀rọ̀ síwájú. Ẹ fi gbólóhùn méjì wé ara wọn: “Ẹ ní kí a dín owó kù” àti “Ẹ̀yin ni ẹ ní kí a dín owó kù”. Ìtumọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ṣùgbọ́n èkejì na ìka sí ènìyàn. “Ni” yìí kan náà ni ó wà nínú “pọ́ǹpù ló bàjẹ́”. Níbẹ̀, ìka tí ó nà kò kan àlejò; pọ́ǹpù ni ó nà án sí kí ó má baà kan onílé. Ohun tí òǹkàwé ń gbọ́ ni pé “pọ́ǹpù ni, kì í ṣe àwa”. “Pọ́ǹpù wa bàjẹ́” sọ òtítọ́ kan náà láìsá fún un. Èyí kò sọ pé kí a má lo “ni” rárá. Nígbà tí onílé bá ń sọ pé “ẹ̀bi wa ni”, ibẹ̀ gan-an ni ó ti yẹ.

Ẹ̀kẹta ni “ṣá” àti “o”. Ní ẹnu, ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ojú rẹ̀ ni yóò sọ bí a ó ṣe gbọ́ wọn. “Ẹ ṣé o” lè jẹ́ ọpẹ́ tí ó ti inú wá, ó sì lè jẹ́ yẹ̀yẹ́. Lórí ìwé, ojú kò sí, ohùn kò sí. Ohun tí ó ṣáájú nìkan ni òǹkàwé fi ń mọ èyí tí ó jẹ́. Lẹ́yìn àwọn gbólóhùn tí ó kún fún ẹ̀sùn, “ẹ ṣé o” kò lè jẹ́ ọpẹ́ mọ́. “Ẹ má bínú ṣá” tilẹ̀ burú ju kí a má bẹ̀bẹ̀ rárá lọ, nítorí pé “ṣá” ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti sú ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀.

IV. “Ẹ pẹ̀lẹ́”, “ẹ má bínú”, “a tọrọ àforíjì”

Ibi tí olùtúnkọ ti sábà máa ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀. Yorùbá ní ju ọ̀nà kan lọ láti fi bẹ̀bẹ̀, iṣẹ́ wọn kò sì jọra.

“Ẹ pẹ̀lẹ́” jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn. Ẹni tí ó rí ènìyàn tí ó fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà máa ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni òun kọ́ ni ó fi òkúta síbẹ̀. Ó gbà pé nǹkan dun ẹlòmíràn. Kò sọ ẹni tí ó fà á. “Ẹ má bínú” jẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí ọkàn ẹni tí ó ti bínú. Ó gba pé ìbínú wà, ṣùgbọ́n kò sọ bóyá ìbínú náà tọ́. “A tọrọ àforíjì” ni ó gba ẹ̀bi: ẹni tí kò ṣẹ̀ kò ní ohun tí wọn yóò fi orí rẹ̀ jì í.

Nítorí náà, kí olùtúnkọ tó yan ọ̀kan, yóò béèrè nípa ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan pé ọwọ́ ta ni ohun náà wà. Iná ìjọba tí kò sí ní gbogbo ìlú kò sí lọ́wọ́ onílé. Wákàtí tí ó ń pa jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yan èyí tí agbára rẹ̀ ká. Kò ṣẹ̀ nípa yíyàn án. Ibi tí ó ti ṣẹ̀ ni pé kò sọ ọ́ kí àlejò tó sanwó. Ibẹ̀ gan-an ni àforíjì gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Bí ó bá tọrọ àforíjì nítorí iná tí ó kú, arìnrìn-àjò yóò rò pé iná kò ní í kú mọ́, yóò sì dé, yóò tún rí i pé ó kú ní aago 1. Àforíjì tí a fi sí ibi tí kò yẹ a máa di ìlérí tí a kò lè mú ṣẹ.

Ẹ wo ọ̀ràn mìíràn tí “ẹ pẹ̀lẹ́” bá mu jù. Àlejò kan fi ìràwọ̀ 1 sílẹ̀ nítorí pé fèrè àwọn ọkọ̀ tírélà tí ń kọjá kò jẹ́ kí ó sùn. Ẹ̀bá ọ̀nà ńlá ni ilé náà wà. Kò sí ohun tí onílé lè ṣe sí fèrè tírélà. Bí ó bá fèsì pé “Ṣé a lè ní kí ọkọ̀ má kọjá ni?”, òótọ́ ni ó sọ, ó sì ti bá ara rẹ̀ jẹ́. Àtúnkọ rẹ̀ lè lọ báyìí: “Ẹ pẹ̀lẹ́ fún oorun tí ẹ kò rí sùn. Ẹ̀bá ọ̀nà Bìní ni ilé wa wà, ariwo ọkọ̀ sì máa ń pọ̀ ní òru ní àwọn yàrá iwájú. Àwọn yàrá ẹ̀yìn dákẹ́ jù wọ́n lọ. Ẹni tí oorun rẹ̀ bá fúyẹ́ lè béèrè fún ọ̀kan nínú wọn.” Kò sí àforíjì níbẹ̀, kò sì sí ìjà. Arìnrìn-àjò tí ó kà á ti mọ irú yàrá tí yóò béèrè.

V. Àtúnkọ náà

Nígbà tí a ti mọ òtítọ́, tí a ti yọ ooru àti àṣírí kúrò, tí a sì ti mọ ibi tí àforíjì ń gbé, ètò ni ó kù. Ìkíni àti ọpẹ́ ni yóò ṣáájú, nítorí pé ọmọ Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkíni. Ẹ̀sùn tí ó dun àlejò jù ni yóò tẹ̀lé e, kì í ṣe èyí tí ó rọrùn jù fún onílé láti dáhùn. Ohun tí wọ́n ti ṣe ni yóò wá kẹ́yìn ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Ohun rere tí àlejò sọ kò gbọdọ̀ ṣáájú, kí ó má baà dà bí ẹni pé onílé ń sá fún ọ̀ràn. Ní ìparí, ọ̀nà tí àlejò lè gbà bá wọn sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, àti ipò ẹni tí ó kọ ọ́. Èsì náà jáde báyìí:

“Ẹ kú ìrìn àjò, a sì dúpẹ́ pé ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Bí kò bá sí iná ìjọba, aago 1 òru ni a máa ń pa jẹnẹrétọ̀ wa. A kò sọ èyí fún yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀bi wa ni, a sì tọrọ àforíjì. A ti kọ wákàtí iná sí ara ògiri ní káńtà báyìí, a sì ń sọ ọ́ fún àlejò kọ̀ọ̀kan kí ó tó sanwó. Pọ́ǹpù wa bàjẹ́ ní òru ọjọ́ náà. A ti tún un ṣe, omi sì ti ń yọ ní gbogbo yàrá. Kò yẹ kí a ní kí ẹ lọ wá ọ̀gá fúnra yín. Òṣìṣẹ́ tí ó wà ní káńtà ni yóò máa pe ọ̀gá fún àlejò láti ìsinsìnyí lọ. Inú wa dùn pé ẹ gbádùn oúnjẹ, yàrá náà sì tẹ́ yín lọ́rùn. Bí ọ̀rọ̀ bá kù tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ pe nọ́ḿbà tí ó wà lókè. Máníjà.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé “a” ni ó gba gbogbo èsì náà kọjá. Orúkọ ilé ni ó ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà onílé kò lè fi ẹ̀bi lé ọmọbìnrin káńtà lórí ní gbangba, kò sì lè sọ pé ó purọ́. Bí ọmọbìnrin náà bá nílò ìbáwí, inú ilé ni ìbáwí náà yóò ti wáyé. Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé gbólóhùn nípa ògiri káńtà kò gbọdọ̀ jáde kí wọ́n tó kọ ọ́ sí ara ògiri ní tòótọ́. Olùtúnkọ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúró kí onílé wá pátákó àti ọ̀dà ná. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ọjọ́ méjì ni èsì náà fi pẹ́ nítorí èyí, ìpẹ́ náà kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

VI. Ibi tí àtúnkọ mọ

Nígbà mìíràn, àlejò ni ó ń purọ́, tàbí ó tilẹ̀ ṣi ilé mú. Irú èyí kò ṣọ̀wọ́n ní ibi tí orúkọ ilé ìtura ń jọra. Onílé lè fi ẹ̀sùn ìgbéléwọ̀n tí ó rú òfin ojú ewé náà sùn, bí èébú tàbí ọ̀rọ̀ tí kò kan ilé náà, ṣùgbọ́n wọn kì í pa ìgbéléwọ̀n rẹ́ nítorí pé onílé kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ nìkan. Èsì tí ó dára jù ni èyí tí ó sọ ohun tí ilé mọ̀ láìpe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́: “A wo ìwé wa, a kò rí ohun tí ó bá àlàyé yín mu. Ó lè jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni ẹ fi gba yàrá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wá kí a lè tọpa rẹ̀.” Bí àlejò kò bá pè, arìnrìn-àjò yóò fa ìtumọ̀ yọ fúnra rẹ̀.

Àléébù kejì wà ní òdìkejì. Onílé tí ó ti rí i pé èdè pẹ̀lẹ́ dára lè kọ èsì kan, kí ó sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ gbogbo ìgbéléwọ̀n: “A kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ẹ̀yin àlejò wa ọ̀wọ́n, ìtẹ́lọ́rùn yín ni ó jẹ wá lógún.” Bí arìnrìn-àjò bá rí i nígbà mẹ́ta lábẹ́ ẹ̀sùn mẹ́ta tí kò jọra, yóò mọ̀ pé kò sí ẹni tí ń ka ohun tí àlejò ń kọ. Èdè rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n kò sí pọ́ǹpù nínú rẹ̀, kò sí aago 1, kò sí ògiri káńtà. Ìgbéléwọ̀n rere kò béèrè ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ, tí ó dárúkọ ohun tí àlejò yìn: “Ẹ ṣeun. A ó jẹ́ kí ẹni tí ó se ẹ̀gúsí náà gbọ́.”

Báwo ni olùtúnkọ yóò ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ òun pé? Kí ó fún ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀ràn náà ní èsì náà kà sókè, láìjẹ́ kí ó rí ìgbéléwọ̀n àlejò. Lẹ́yìn náà, kí ó bi í ní ìbéèrè méjì: kí ni ó ṣẹlẹ̀, kí ni wọ́n sì ti ṣe sí i? Bí ó bá lè dáhùn méjèèjì, èsì náà ti pé. Bí ó bá kọ́kọ́ béèrè pé ta ni ó ń bá ta jà, a jẹ́ pé “ṣebí” kan tàbí “ẹ̀yin” kan ṣì fara pamọ́ sí ibì kan. Láti ìgbà ogun ọdún 1967 ni àwọn ènìyàn ti máa ń sọ nípa ohun tí ó bá gbóná pé ó le kú bí ìjà Òrè. Àlejò tí ń wá ibi tí yóò sùn ní Òrè ní alẹ́ òní kò wá ìjà kankan. Wákàtí tí iná yóò kú ni ó fẹ́ mọ̀ kí ó tó san owó rẹ̀.